Ìjábọ̀ Iṣẹ́ Àkànṣe: Kíkọ́ Kọ̀ǹpútà Láti Dá Hóró Kòkó Tí Wọ́n Bò Tó Mọ̀ Yàtọ̀ sí Èyí Tí Wọn Kò Bò Tó

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé

Láàárín Ìsẹ̀ àti Ẹmùré níbí ní Èkìtì, inú hóró ni wọ́n fi ń mọ iyì kòkó, kì í ṣe èèpo rẹ̀. Kòkó tí àgbẹ̀ kó jọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 kó tó sá a, inú rẹ̀ máa ń pọ́n rúsúrúsú, á sì sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí wọn kò bò tó máa ń ní àwọ̀ àlùkò. Èyí tí wọn kò bò rárá máa ń rí bí eérú, inú rẹ̀ á le gbagidi. Láti inú ìbò yìí ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra kòkó fi máa ń la 300 hóró gígùn-ún-gígùn láti wo àwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó sọ bí àpò náà ti dára tó.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé fọ́tò tí a fi fóònù yà, pẹ̀lú mọ́dẹ̀lì kékeré kan, lè ṣe irú ìyàsọ́tọ̀ yìí? Nínú ìjábọ̀ yìí, mo pe hóró tí wọ́n bò dáadáa ní àbòtó, mo sì pe èyí tí wọn kò bò tó àti èyí tí wọn kò bò rárá ní àìbòtó. Ìsọ̀rí méjì péré ni.

Dátà

Mo gba kòkó gbígbẹ láti inú àpò 12, àpò kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan. Nínú àpò kọ̀ọ̀kan, mo mú 40 hóró láìṣà, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 480. Abẹ ni mo fi là wọ́n. Mo tẹ́ ààbọ̀ kan hóró kọ̀ọ̀kan sórí bébà funfun, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú fóònù kan náà.

Bàbá kan tó ti ń ra kòkó fún ọdún 29 àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sọ ìsọ̀rí hóró kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan kò sì rí ìdáhùn ẹnì kejì. Ohùn wọn ṣọ̀kan lórí 451. Lórí 29 tó kù, mo wá ẹnì kẹta, ohun tó sọ ni mo sì gbà. Bí a ṣe kà á tán, àbòtó jẹ́ 336, àìbòtó sì jẹ́ 144.

Bàbá yìí ló kọ́ mi ní ohun tí n kò ní mọ̀ fúnra mi. Ó gbé hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi èékánná tọ́ka sí i, ó ní, "Ọmọ mi, àárín rẹ̀ ni kí o wò. Ẹ̀gbẹ́ máa ń purọ́." Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ hóró náà pọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣì jẹ́ àlùkò. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, igun mẹ́rin kékeré tó wà láàárín hóró nìkan ni mo gé jáde nínú fọ́tò. Nínú rẹ̀ ni mo ti ṣírò àmì mẹ́rin: ìpíndọ́gba pupa, ti ewéko, ti búlúù, àti bí ìmọ́lẹ̀ inú igun náà ṣe yàtọ̀ síra tó, nítorí pé hóró tó sán máa ń ní ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀.

Mọ́dẹ̀lì

Mọ́dẹ̀lì aládùúgbò márùn-ún ni mo lò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti ṣàlàyé: tí hóró tuntun bá dé, ó máa ń wá hóró 5 tí àmì wọn sún mọ́ tirẹ̀ jù lọ nínú àwọn tó ti mọ̀, wọ́n á dìbò, èyí tó bá ní ìbò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa mú. Mo ti yan 5 kí n tó rí èsì kankan, n kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Mo sọ gbogbo àmì di ìwọ̀n kan náà kí búlúù má baà borí àmì kẹrin nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi. Inú páìpù kan náà pẹ̀lú mọ́dẹ̀lì ni mo fi ìgbésẹ̀ yìí sí, kí àwọn hóró tí a fi ń dán mọ́dẹ̀lì wò má baà dá sí ìṣirò tí a ṣe lórí àwọn tí a fi kọ́ ọ.

Ẹni tó bá kàn ń pe gbogbo hóró ní àbòtó á gba 336 nínú 480, ìyẹn 70.0%. Mọ́dẹ̀lì tí kò bá ju èyí lọ kò mọ nǹkan kan.

Ìdánwò àkọ́kọ́, àti ìdí tí n kò fi gbà á gbọ́

Mo da gbogbo hóró pọ̀, mo fi 384 kọ́ mọ́dẹ̀lì, mo sì fi 96 dán an wò. Ó gba 92, ìyẹn 95.8%. Inú mi dùn dé ibi pé mo ti ń kọ ìjábọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń wo àwọn hóró tó gbà, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tó dìbò fún wọn. Fún hóró kan láti àpò 9, gbogbo aládùúgbò márààrún ló wá láti àpò 9. Mo yẹ òmíràn wò, bákan náà ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wá hàn sí mi kedere: ọjọ́ kan, ibì kan, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan ni mo ya fọ́tò àpò kọ̀ọ̀kan, àgbẹ̀ kan ló sì bo kòkó inú rẹ̀, nítorí náà ìsọ̀rí kan ló pọ̀ jù nínú àpò kan. Àpò ni mọ́dẹ̀lì ń dá mọ̀. Ó dà bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ti fi ìbéèrè ìdánwò hàn lálẹ́ àná.

Ẹni tó máa lo irú nǹkan yìí kò ní mú àpò tí mọ́dẹ̀lì ti rí tẹ́lẹ̀ wá. Nítorí náà, mo tún ìdánwò ṣe lọ́nà tó jẹ́ pé àpò tó bá wà ní apá ìdánwò, kò sí hóró rẹ̀ kan ní apá ìkọ́ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo yí i po, àpò méjì méjì ló ń bọ́ sí ìdánwò:

```python
model = make_pipeline(StandardScaler(),
                      KNeighborsClassifier(n_neighbors=5))
pred = cross_val_predict(model, X, y, groups=apo,
                         cv=GroupKFold(n_splits=6))
```

Èsì rẹ̀ nìyí:

| | Ó pè é ní àìbòtó | Ó pè é ní àbòtó |
|---|---|---|
| Àìbòtó lóòótọ́ (144) | 101 | 43 |
| Àbòtó lóòótọ́ (336) | 28 | 308 |

Ìpéye wálẹ̀ sí 409 nínú 480, ìyẹn 85.2%. Ṣùgbọ́n ìpéye nìkan kò sọ ìṣòro náà tán. Àìbòtó ni a ń wá, 101 péré ló sì rí nínú 144: rìkọ́ọ̀lù jẹ́ 70.1%. Nínú 129 tó pè ní àìbòtó, 101 ló rí bẹ́ẹ̀: prẹsíṣọ̀n jẹ́ 78.3%.

Tápólì búlúù

Èsì ìyípo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò dọ́gba. Nínú 80 hóró kọ̀ọ̀kan, ó gba 75, 72, 71, 70, 68, lẹ́yìn náà 53. Mo wo ibi tí 53 ti wá: àpò 3 àti àpò 9. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Òjò ń rọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì yẹn, abẹ́ tápólì búlúù ni mo sá sí láti ya fọ́tò. Gbogbo hóró, títí dé èyí tó pọ́n dáadáa, ló ní búlúù lára. Àbòtó inú wọn jọ àìbòtó ibòmíràn.

Bébà funfun tí mo tẹ́ sábẹ́ hóró ló gbà mí. Nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mo ṣírò pupa, ewéko àti búlúù bébà náà, mo sì fi wọ́n pín ti hóró. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ní búlúù, bébà á ní in, hóró á ní in, pípín á sì yọ ọ́ kúrò. Ìlà méjì péré ni:

```python
awo = horo_rgb / bebe_rgb      # pupa, ewéko, búlúù
X = np.column_stack([awo, iyato])
```

Lẹ́yìn èyí, pẹ̀lú ìdánwò alápò kan náà, ó rí 118 nínú 144 àìbòtó, ó sì fi 19 nínú 336 àbòtó pe àìbòtó. Ìpéye di 90.6%, rìkọ́ọ̀lù di 81.9%, prẹsíṣọ̀n di 86.1%. Ìyípo tó kéré jù gba 68 nínú 80. Mo dán irú mọ́dẹ̀lì mìíràn tí wọ́n ń pè ní lọ́jísítíìkì rìgíréṣọ̀n wò lórí àmì kan náà, ó gba 429 níbi tí aládùúgbò márùn-ún ti gba 435. Hóró 6 kò tó ohun tí mo lè fi sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ.

Mo tún wò ó bóyá ìbò méjì nínú márùn-ún lè tó láti pe hóró ní àìbòtó. Ó rí 129 nínú 144, ṣùgbọ́n àbòtó 41 ló bá a lọ. Ẹni tó ń ra kòkó lè fẹ́ èyí, àgbẹ̀ tó ní àpò kò ní fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ owó àti ìfọkàntán ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ìṣirò nìkan, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ sí ìbò mẹ́ta.

Ìdánwò ìkẹyìn

Ìṣòro kan ṣì kù. Èsì àwọn àpò 12 yìí ni mo wò kí n tó mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ló fa àṣìṣe, mo sì fi àwọn kan náà wọn àtúnṣe mi. 90.6% lè ga ju òtítọ́ lọ. Mo wá àpò méjì tuntun lọ́wọ́ àgbẹ̀ méjì mìíràn ní ìhà Ìkọ̀lé, 40 hóró láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti pa mọ́dẹ̀lì dé kí n tó la hóró àkọ́kọ́ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì dán an wò.

Àìbòtó jẹ́ 23, ó rí 18. Àbòtó jẹ́ 57, ó fi 6 pe àìbòtó. Ó gba 69 nínú 80, ìyẹn 86.3%, rìkọ́ọ̀lù 78.3%, prẹsíṣọ̀n 75.0%. Àwọn hóró náà kò pọ̀: tó bá jẹ́ pé ó tún pàdánù méjì sí i nínú 23 yẹn, rìkọ́ọ̀lù á bọ́ sí 69.6%.

86.3% ni mo fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èsì iṣẹ́ yìí. Mo kó àìbòtó márùn-ún tó pàdánù náà sínú ọ̀rá kékeré, mo gbé wọn padà lọ bá bàbá. Ó yí wọn sí ibi ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú wọn, ó ní ọjọ́ kan péré ló kù kí ìbò wọn tó, àlùkò inú wọn ti ń lọ. Ìkarùn-ún, ó wò ó pẹ́, ó ní bí òun bá ń dá a wò nìkan, òun náà lè pè é ní àbòtó.