Abẹ́rẹ́ Inú Fìlà

"Ẹ kú àríyá o. Orúkọ mi ni Dàmọ́lá. Látìgbà tí ẹ ti wọlé ni ojú mi ò ti kúrò lára yín."

Ó mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló dúró sí, láàárín jẹnẹrétọ̀ àti dúrọ́ọ̀mù tí àwọn alásè ti ń bu omi fọ abọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn pọ̀ débi pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, etí ara rẹ̀ nìkan ló máa gbọ́ ọ. Ìdí tó fi sá wá síbẹ̀ nìyẹn. Lókè àwọn páànù ìpẹtà Ìkìjà, àpáta Olúmọ jókòó jẹ́jẹ́, bí àgbà tó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré.

"Arábìnrin, ẹwà yín ń tàn bí òṣùpá."

Oòrùn aago méjì ọ̀sán ń jó o lọ́rùn. Òṣùpá wo ló fẹ́ fi hàn án? Ó fi aṣọ ìnujú nu iwájú orí, ó tún fìlà dé dáadáa.

Kì í ṣe pé Dàmọ́lá jẹ́ ẹni tí ẹnu ń wọ́n. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàpọ́n, ó lè wo ojú olóyè ńlá kó sọ fún un pé ikùn yín ti fi íǹṣì méjì kún, bàbá, sòkòtò ti ọdún tó kọjá ò lè wọlé mọ́. Òun ló rán agbádá tí ọkọ ìyàwó wọ̀ lónìí, òun ló sì fi ọwọ́ já iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ fún òru mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i rí á mọ̀: ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún èèyàn láti bá gbogbo ayé sọ, bó bá kan ẹnì kan ṣoṣo tó wù ú, gbogbo rẹ̀ á di òkúta lẹ́nu.

Ẹnì kan yẹn wà nínú ilé, ó ń pín ike fún àlejò pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni àwọn ẹbí ìyàwó yàn ní aṣọ ẹbí, nítorí pé ìyá ìyàwó ń tà á ní Ìtokú. Àwọn tó kù wọ tiwọn bí aṣọ ẹbí. Tirẹ̀ yàtọ̀. Dúdú rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, àwọn ìlà funfun tí ẹ̀kọ fi sílẹ̀ sì tín-ín-rín bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi kọ wọ́n. Kó tó wo ojú rẹ̀, aṣọ yẹn ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí èékánná rẹ̀: aró ti wọ ẹ̀bá wọn, ó sì dàbí pé kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ kúrò kó tó wá síbi àríyá.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ṣé ará ilé ọkọ ni yín ni, àbí ti ìyàwó?" Òmùgọ̀ ìbéèrè. Aṣọ ẹbí ti dáhùn rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọmọbìnrin kékeré kan ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó mú kọ́ọ̀pù dání, kò ju ọmọ ọdún méje lọ.

"Mò ń kọrin ni."

"Orin ò rí báyẹn," ni ọmọ náà wí, ó bu omi rẹ̀, ó sì dúró, ó ń wò ó.

Ó tún tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó yọ òṣùpá kúrò. Ó yọ "ojú mi ò kúrò lára yín" kúrò. Nígbà tó fi máa wọlé, gbólóhùn kan péré ló ṣẹ́kù: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mo fẹ́ mọ orúkọ yín." Ó ń kà á sínú bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀. Alága ìjókòó ń fi orin tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí ọkọ, àwọn onílù ń gbè é. Dàmọ́lá gba àárín àwọn àga kọjá, ẹ kú iṣẹ́ o, mo fẹ́ mọ orúkọ yín, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ó ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni obìnrin náà nawọ́ gbé páálí ike tó kàn. Dàmọ́lá gbọ́ ọ. Kò sí ìlù tó lè bo ohùn aṣọ tó ń ya mọ́ aránṣọ létí. Apá bùbá obìnrin náà ti ya láti abíyá dé èjìká. Ó sọ páálí kalẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì bò ó, ó ń wo ọ̀nà ìta.

Gbólóhùn tó ń kà fò lọ.

"Ẹ má jáde," ni Dàmọ́lá wí. "Ojú rírán ló tú, aṣọ gan-an ò ya. Ẹ súnmọ́ ògiri."

Ó ṣí fìlà. Nínú ìṣẹ́po rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ kan máa ń wà nígbà gbogbo, pẹ̀lú òwú dúdú tí a wé mọ́ ọn. Obìnrin náà wo abẹ́rẹ́, ó wo ojú rẹ̀, ó sì na apá.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn gbọ̀ngàn dúró ṣinṣin. Ó fi àtàǹpàkò tẹ etí méjèèjì pọ̀, ó ń rán an wẹ́wẹ́, abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Bí ojú rẹ̀ ṣe wà lára aṣọ, tí kò sí lójú obìnrin náà, ni ọ̀rọ̀ bá ń jáde fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ẹ̀kọ sí i fúnra yín."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹni tó kọ ti àwọn tó kù ti ń kánjú. Ẹni tó kọ eléyìí ò kánjú. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rì í?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Màmá mi ní mo ti ya wèrè." Ó rẹ́rìn-ín, apá rẹ̀ mì. "Ìjẹta ni mo tó sá a gbẹ. Ẹ rọra o, aró rẹ̀ ṣì ń yọ."

"Mo mọ̀. Ẹ má mì."

Ọmọ kékeré àtẹ̀ẹ̀kan ti dé, ó ń wò wọ́n. "Àǹtí mi, bùọ̀dá yìí ló ń bá dúrọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, òun fẹ́ mọ orúkọ yín."

Abẹ́rẹ́ dúró sójú kan. Dàmọ́lá kò gbé ojú sókè.

"Ṣé lóòótọ́ ni?" ni obìnrin náà bèèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Òótọ́ ni."

Ó dákẹ́ títí Dàmọ́lá fi ta kókó, tó sì já òwú.

"Àbẹ̀kẹ́," ó wí. "Bí ẹ bá dé Ìtokú, ẹ béèrè ọmọ aláró. Mo ní bùbá méjì mìíràn tí télọ̀ yìí kan náà rán fún mi. Ẹ̀yin lẹ máa tún wọn rán."

Ó gbé páálí rẹ̀, ó ń lọ, ọmọ náà ń tẹ̀lé e.

Dàmọ́lá padà sí ìjókòó rẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì òfàdà inú ewé síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, wọ́n gbé omi ìfọwọ́ tì í. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ki ọwọ́ bọ tiwọn, wọ́n sì mọ̀ pé òun náà kì í fi ṣíbí jẹ òfàdà láéláé.

Ó wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Aró ti mú un, búlúù roboto kan, gan-an níbi tó ti tẹ aṣọ náà mú.

Ó rọra ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní kí wọ́n bá òun wá ṣíbí.