Àlàyé lórí kíléèmù mẹ́fà tó wà nínú ìwé páténǹtì ẹ̀rọ ìyangàrí yín

Ẹnjiníà, ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àdúrótì ẹ̀rọ yìí. Ìwé tí ẹ dá padà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti ka gbogbo ohun tí ẹ fi báírò kọ sí etí rẹ̀. Ẹ ní kí n kó etí onígi, ìborí tó ń gbé oru jáde àti iná gáàsì wọ inú kíléèmù kìíní, ìyẹn gbólóhùn àkọ́kọ́ tó ń sọ ohun tí ẹ̀tọ́ yín bò, kí ó lè lágbára. Ẹ tún bèèrè ìdí tí kíléèmù kejì sí ẹ̀kẹrin fi jẹ́ gbólóhùn kúkúrú péré. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ìwé náà tó lọ sí Àbújá, torí bí mo bá ṣe é bí ẹ ti wí, ẹ̀tọ́ yín yóò dín kù ni.

Abala 6 nínú Òfin Páténǹtì àti Dìsáìnì ilẹ̀ wa sọ pé ọ̀rọ̀ inú kíléèmù ni a ó fi mọ ibi tí ẹ̀tọ́ ẹni dé. Àlàyé gígùn tí a kọ síwájú àti àwọn àwòrán yín wúlò láti fi túmọ̀ kíléèmù ni. Bí ìwé sọ́fè ṣe rí fún ilẹ̀ náà ni kíléèmù rí fún ẹ̀rọ yín: ohun tó bá bọ́ sí ìta òpó, tiyín kọ́.

Kíléèmù kìíní nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́:

"1. Ẹ̀rọ ìyangàrí tó ní agbada gbọọrọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ààbọ̀ páìpù, ṣáfùtù tó ń yí lókè agbada náà, àti apá kan, ó kéré tán, tí a fi sípíríǹgì so mọ́ ṣáfùtù náà, tí sípíríǹgì yìí sì ń tẹ etí apá náà mọ́ ìsàlẹ̀ agbada bí ṣáfùtù ti ń yí."

Èyí ni kíléèmù tó dá dúró. Kò tọ́ka sí kíléèmù kankan. Ẹni tó bá kà á nìkan yóò mọ ohun tí à ń sọ. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: agbada, ṣáfùtù, apá onísípíríǹgì. Kí a tó lè mú ẹnikẹ́ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ tirẹ̀. Bó bá fi òmíràn kún un, bóyá ẹsẹ̀ mẹ́fà tàbí kùn aláwọ̀ ewé, kò tíì bọ́, nítorí "tó ní" tí mo kọ kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àfikún. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí níbẹ̀, ó ṣòro gan-an láti dì í mú.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ká ní mo fi etí onígi, ìborí àti iná gáàsì sí i, nǹkan mẹ́ta ti di mẹ́fà. Wẹ́dà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lè gbé gbogbo ọgbọ́n yín, kó fi rọ́bà ṣe etí apá, kó máa fi igi dáná, kó sì máa tà á ní ojúmọmọ. A ò ní lè mú un. Ọgbọ́n tó mú kí gàrí yín má di kókó, tí kì í sì í jóná mọ́ ìdí agbada, ara sípíríǹgì tó ń tẹ apá ló wà. Ìyẹn ni kí kíléèmù kìíní gbé, kó má sì gbé ẹrù tí kò kàn án.

Àwọn tó kúrú wá ńkọ́?

"2. Ẹ̀rọ inú kíléèmù 1, tó jẹ́ pé igi ni a fi ṣe etí apá náà.

3. Ẹ̀rọ inú kíléèmù 1 tàbí 2, tó tún ní ìborí lórí agbada, tó ń gbé oru jáde.

4. Ẹ̀rọ inú kíléèmù 3, tó ní fáànù nínú ìborí náà, tí ṣáfùtù kan náà ń yí i."

Àwọn wọ̀nyí ni kíléèmù tó rọ̀ mọ́ òmíràn. Wọ́n kúrú lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n tọ́ka sí ló wà nínú wọn. Kíléèmù kejì jẹ́ agbada, ṣáfùtù, apá onísípíríǹgì, pẹ̀lú igi. Ẹ̀kẹrin rọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, nítorí náà ẹni tó ní fáànù ṣùgbọ́n tí kò ní ìborí kò tẹ ẹ̀kẹrin lójú. Ẹnikẹ́ni tó bá sì tẹ ẹ̀kejì lójú ti tẹ kìíní náà.

Ẹ lè wá bi mí pé, bí kìíní bá ti kó gbogbo wọn pọ̀, kí la tún ń fi ìyókù ṣe? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọ́fíìsì páténǹtì wa kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí a mú wá jẹ́ tuntun ní tòótọ́. Abala 4 sọ ọ́ gbangba pé ewu ẹni tó gbà á ni páténǹtì wà, ìjọba kò fọwọ́ sọ̀yà pé yóò dúró. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, ẹni tí a pè lẹ́jọ́ lè gbé ìwé àtijọ́ kan jáde tó ní agbada, ṣáfùtù àti sípíríǹgì. Kíléèmù kìíní lè ṣubú níbẹ̀. Bí ìwé àtijọ́ yẹn kò bá ní fáànù tí ṣáfùtù kan náà ń yí, tí kò sì jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ èyíkéyìí ìbá kàn ronú kàn, ẹ̀kẹrin ṣì lè dúró. Ó kéré sí kìíní, àmọ́ yóò kù fún yín.

Ẹ̀karùn-ún tún dá dúró, torí ọ̀nà iṣẹ́ ló ń sọ, kì í ṣe ẹ̀rọ: dída ẹ̀gẹ́ tí a ti fún omi rẹ̀ sínú agbada gbígbóná, àti rírò ó pẹ̀lú apá ara ṣáfùtù tí sípíríǹgì ń tẹ̀ mọ́ ìdí agbada. Ẹ̀kẹfà rọ̀ mọ́ ọn, ó fi kún un pé kí ṣáfùtù yí ní ìgbà 30 sí 40 ní ìṣẹ́jú kan. Àǹfààní ẹ̀karùn-ún ni pé òfin fi kíléèmù ọ̀nà iṣẹ́ dáàbò bo ohun tó ti inú ọ̀nà náà jáde tààrà, èyí tí í ṣe gàrí fúnra rẹ̀.

Ohun tó kàn mí jù nínú ìwé yín ni gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn: ẹ ní ẹ ti ń dán òmíràn wò tó ń lo ìwọ̀n irin wíwúwo dípò sípíríǹgì, pé kí n fi ṣe kíléèmù keje tó rọ̀ mọ́ kìíní. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Kíléèmù tó rọ̀ mọ́ òmíràn lè fi nǹkan kún un tàbí kó tún un ṣàlàyé sí i, kò lè yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní sípíríǹgì ti jáde kúrò nínú kìíní pátápátá. Inú mi dùn pé ẹ dárúkọ rẹ̀ nísinsìnyí, torí ẹlòmíràn ìbá ronú kàn án lẹ́yìn ọdún kan, kó sì fi sá mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí n yí kìíní àti ẹ̀karùn-ún padà kí wọ́n sọ "ohun tó ń tẹ apá náà mọ́ ìsàlẹ̀ agbada" dípò sípíríǹgì. Sípíríǹgì yóò wá di kíléèmù kan tó rọ̀ mọ́ kìíní, ìwọ̀n irin yóò sì di òmíràn. Àmọ́ ìwọ̀n irin náà gbọ́dọ̀ wà nínú àlàyé àti àwòrán kí a tó fi ránṣẹ́, nítorí kíléèmù kò gbọ́dọ̀ ju ohun tí a ṣàlàyé lọ.

Ní ti Kútọnú tí ẹ sọ, oṣù 12 la ní lẹ́yìn tí a bá ti fi tibí sílẹ̀ láti gbé e lọ síta kí a ṣì di ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀ níbí mú. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lábẹ́ OAPI, àjọ páténǹtì àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà tó wà ní Yaoundé, ìwé kan ṣoṣo ló kárí àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán ẹ̀rọ oníwọ̀n irin náà ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ kọ bí irin náà ṣe wúwo tó àti ibi tí ẹ so ó mọ́. Ẹ má tíì gbé èyíkéyìí nínú wọn lọ sí ibi àfihàn ọjà, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọṣẹ́ gbé fídíò rẹ̀ jáde, títí n ó fi pè yín pé a ti gba nọ́ńbà ìwé tí a fi sílẹ̀.

Èmi àbúrò yín,
Agbẹjọ́rò yín ní Ìbàdàn