Ìdánrawò Kejì: Dídá Ọ̀rọ̀ Padà fún Ẹni Tó Ń Mutí Gan-an

Ẹ jókòó ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan ka èyí: “Ìyàwó mi ní mo ti ń mutí jù. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá mu, mi ò lè sùn.”

Ẹnì kejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ohun tí ẹ gbọ́ padà fún un, ẹ má gbà á nímọ̀ràn. Ẹ má fi “ṣé” tàbí “àbí” kún un, ìbéèrè ló máa dà.

Èyí tó rọrùn: “Ọtí ló ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn.”

Èyí tó jinlẹ̀: “Oorun ṣe pàtàkì sí yín, ọ̀rọ̀ ìyàwó yín sì ń jẹ yín lọ́kàn.” Ẹ wo “sì” yẹn dáadáa, “ṣùgbọ́n” ì bá pa ìdajì àkọ́kọ́ rẹ́.

Ó kàn yín: “Mo lè jáwọ́ nígbà tó bá wù mí.” Ẹ dá a padà lọ́nà mẹ́ta, láìjiyàn.