Ta Ló Máa Lọ Ṣakí?

Ìyá mi ń yẹ gbodo wò lọ́wọ́ nígbà tí imeèlì Chevening, àwọn tó ń rán èèyàn lọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìlú Ọba, wọlé sórí fóònù mi pé wọ́n ti mú mi, ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jà Ìgbọ̀nà. Wọn kì í mú tòkè àpò, torí dáadáa ibẹ̀ làwọn olówò kan fi máa ń bo búburú mọ́lẹ̀. Àárín ni wọ́n máa ń ki ọwọ́ bọ̀, wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á ṣẹ́ ẹ. Tó bá dún kẹ́, ó gbẹ. Tó bá ń tẹ̀ tí kò fẹ́ dá, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ, irú ẹ̀ máa bu kó tó pẹ́.

Mo ka imeèlì yẹn, mo tún un kà, mo ti fóònù bọ àpò, mo ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà lọ. Mi ò lè sọ.

Kì í ṣe pé inú mi ò dùn o. Wọ́n máa san owó iléèwé, owó ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á tún máa fún mi lówó tí mo máa ná lóṣooṣù, ọdún kan péré ni màsításì náà, ìmọ̀ nípa oúnjẹ sì ni mo fẹ́ lọ kọ́, torí èlùbọ́ yìí náà ni. Wọ́n máa bọ iṣu nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú, oòrùn ló kù tó máa gbẹ ẹ, tí òjò bá wá ń rọ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́? Ẹ wá wo bí àwọn èèyàn ṣe máa ń da àpò odidi nù nígbà òjò, owó ajọ ni wọ́n fi rà á o. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ ra gbodo wá ní Ṣakí? Látìgbà tí bàbá mi ti kú, èmi àti màámi la jọ ń lọ, nígbà tí orúnkún wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú, ó ku èmi nìkan. Èmi náà ni mò ń wò ó bóyá alááàtì tí oníbàárà fi hàn wá jẹ́ òótọ́, torí àwọn oní feeki alááàtì ti pọ̀ jù. Ṣẹ́gun àbúrò mi gbọ́n, àmọ́ tí oníbàárà bá ti pè é ní ọkọ mi báyìí, àwìn ti bọ́ nìyẹn.

Àǹtí mi tó ń gbé Ayétòrò ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ọmọ tèmi náà sọ pé òun á padà, ọdún wo ló padà?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fèsì ti ń sún mọ́lé kí n tó sọ fún màámi lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń fi róòbù ra orúnkún wọn lọ́wọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Kí làwọn tó fẹ́ náwó yẹn ń gbà lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní wọ́n ní tí mo bá ti parí, dandan ni kí n padà sílé kí n lo ọdún méjì ó kéré tán.

"Àwọn gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà nínú ìwé tí mo máa fọwọ́ sí, mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n ka orúkọ àwọn tó jẹ wá lówó. Mo ṣí fóònù, mo ń kà á, àwọn náà ń sọ bí oníkálukú ṣe máa ń san tiẹ̀: tìyá onílé oúnjẹ Òkè-Fìà, tó bá ti gba ajọ ni, ti tíṣà yẹn, tí owó oṣù bá ti wọlé. Kò sí ọ̀kan tí wọn ò mọ̀.

"Orí mi ò tíì gbàgbé nǹkan kan. Orúnkún ni. Ṣẹ́gun sì ní orúnkún."

"Màámi, Ṣẹ́gun ò mọ gbodo o."

"Ta ló kọ́ ìwọ? Ìwọ náà ra èyí tó bu níjọ́sí, mo lé ẹ dà nù bí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ràn, wọ́n ti ń wá nọ́mbà ìyá tó ń ta gbodo fún wa ní Ṣakí. "Ẹ káalẹ́ o. Àṣàkẹ́ á mú àbúrò ẹ̀ wá lọ́jà tó ń bọ̀, ẹ má tà á fún un ní gbàrọgùdù o, ọmọ mi ni. Àṣàkẹ́ ń lọ Ìlú Ọba."

Lọ́wọ́ kan náà ni mo tẹ imeèlì tí mo fi gbà á ránṣẹ́, mo wá lọ jí Ṣẹ́gun.