Iṣẹ́ àwòrán iwájú fún fídíò kòkó wa

Àbúrò mi, mo kí ọ ní Oǹdó níbẹ̀ o. Fídíò kòkó tí a yà lọ́nà Ìdànrè ti parí, àárọ̀ Sátidé ni mo fẹ́ gbé e sórí YouTube. Àwòrán iwájú rẹ̀ nìkan ló kù. Jọ̀ọ́, jẹ́ kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ níbẹ̀ ò ju hóró kòkó 2 lọ, tí a fi ọ̀bẹ là, lórí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀. Inú ọ̀kan ní àwọ̀ àlùkò: wọn ò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó pẹ́ tó kó kan dáadáa kí wọ́n tó sá a. Wọ́n bo èkejì fún ọjọ́ 6, inú rẹ̀ ti sán, ó ti di àwọ̀ ṣokoléètì. Kọ ọ́ sókè pé: ÈWO NI WỌ́N Á RÀ?

Má gé àwòrán kankan jáde látinú fídíò. Àwòrán 25 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbẹ̀; bí ọwọ́ bàbá ṣe ń pa kòkó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti fà wìrì. Tó bá ń lọ, ojú á so ó pọ̀, á sì dùn ún wò. Tó bá dúró, ọwọ́ ọ̀hún ò ní hàn.

Nínú fídíò, mo ní ìṣẹ́jú 14 àti ohùn bàbá. Mo lè kọ́kọ́ rìn yí oko ká kí n tó débi hóró. Àwòrán ò ní "kí n tó" kankan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa sọ̀rọ̀, láàárín fídíò ẹlòmíì, lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi yọ oko, ewé àti ojú bàbá kúrò, bí mo ṣe fẹ́ràn wọn tó.

Mo ti ya fọ́tò hóró lọ́tọ̀ lábẹ́ ibòòji, wọ́n wà nínú Wasáàpù rẹ. Èyí tí oje kòkó ti gbẹ mọ́ èékánná bàbá ni kí o lò. Má nù ún kúrò. Má sì kun àwọ̀ àlùkò yẹn kó ju bó ṣe rí lọ, àwọn àgbẹ̀ ló máa wò ó. Má fi ìdì owó sí i rárá, fídíò ò dárúkọ iye kankan.

1280 × 720 ni, JPG, kó má ju 2 MB lọ. YouTube máa ń lẹ gígùn fídíò mọ́ igun ọ̀tún nísàlẹ̀, má fi nǹkan kan síbẹ̀. Lo Noto Sans Bold: ọ̀pọ̀ lẹ́tà mìíràn máa ń ti àmì "Ọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó o bá parí, sún un kéré bí àtàǹpàkò lórí fóònù rẹ. Tí àwọ̀ méjèèjì ò bá dá yàtọ̀, mú hóró tóbi, kí o dín ọ̀rọ̀ kù. Ìdajì owó rẹ ti wọlé. Ìyókù á wọlé lọ́jọ́ tí mo bá gbà á.