Ìwé Àdéhùn Láàárín Aláró àti Aṣojú Ìtajà Adìrẹ, Òṣogbo

A ṣe àdéhùn yìí ní ìlú Òṣogbo, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2025, láàárín Alhaja Rúkáyátù Ọláníyan, tí ilé aró rẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun (Aláró), àti Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé Fágbèmí, oníṣòwò aṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ìkirun (Aṣojú). Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ń tajà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwé yìí ló rọ́pò gbogbo ohun tí wọ́n ti bára wọn sọ tẹ́lẹ̀. “Ó” la lò fún olúkúlùkù wọn kí ìwé má baà dàrú. Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀, Aṣojú ò sì ní torí ẹ̀ yé pe Alhaja ní Màmá.

1. Iṣẹ́ tí a gbé fún Aṣojú

Aṣojú kì í ra ọjà yìí tà. Ó ń wá oníbàárà fún Aláró ni, Aláró ló sì ni aṣọ títí oníbàárà yóò fi sanwó tán. Aláró ló ń dá iye lé ọjà. Iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ₦18,000 fún ìdì adìrẹ oníko tàbí alábẹ́rẹ kọ̀ọ̀kan, àti ₦24,000 fún ìdì ẹlẹ́kọ, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ẹlẹ́kọ, ó sì ń pẹ́. Ọ̀pá márùn-ún ni ìdì kan. Bí téérù tàbí sódà bá wọ́n sí i, Aláró lè gbé iye náà sókè, ṣùgbọ́n yóò kọ̀wé sọ fún Aṣojú ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú. Ọjà tí oníbàárà ti bèèrè fún kí ìwé yẹn tó dé, iye àtijọ́ ló máa san.

Kọmíṣọ̀n Aṣojú jẹ́ ìdá 12 nínú 100 owó tó bá wọlé, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ọkọ̀. Inú àkáǹtì Aláró ni oníbàárà ń sanwó sí. Bí oníbàárà bá fi owó lé Aṣojú lọ́wọ́, ọjọ́ méjì ni Aṣojú ní láti fi í sínú àkáǹtì. Kò gbọ́dọ̀ yọ kọmíṣọ̀n tirẹ̀ kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ pé ó mọ iye tó yẹ kó jẹ́.

2. Agbègbè

Agbègbè Aṣojú ni ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo, Ọlọ́rundá, Ẹgbẹ́dọrẹ, Ìrẹ́pọ̀dùn, Òròlú, Ìfẹ́lódùn, Bórípé, àti ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tó wà ní Ẹdẹ. Ìlobùú, Ìfọ́n, Ìkirun àti Ìràgbìjí wà nínú rẹ̀. Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Ìwó, Ìbàdàn àti Èkó kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí a bá gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ni a ó fi mọ agbègbè tí títà náà bọ́ sí. A ò ní wo ìlú tí oníbàárà ti wá. Bí ọmọ Ìkirun tó ń gbé Èkó bá ní kí a kó aṣọ ẹbí òun wá sí Ìkirun, ti Aṣojú ni. Bó bá ní Èkó ni kí a kó o wá, kò sí lágbègbè Aṣojú mọ́, àmọ́ bó bá jẹ́ Aṣojú ló mú un wá, yóò gba ìdá 6 nínú 100.

3. Ẹ̀tọ́ àdánìkantà

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀tọ́ yìí bá ṣì wà, Aláró kò gbọ́dọ̀ yan aṣojú mìíràn sí agbègbè yìí, kò sì gbọ́dọ̀ kó ọjà fún alárọ̀bọ̀ tó mọ̀ pé yóò tà á níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a yọ sílẹ̀:

(a) Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ilé aró, pàápàá àwọn àlejò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ. Aláró lè tà fún wọn láìsan kọmíṣọ̀n, bí wọn ò bá ti rà ju ìdì mẹ́wàá lọ. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, ìdá 4 nínú 100 owó gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti Aṣojú.

(b) Oníbàárà mọ́kànlá tí orúkọ wọn wà nínú ìwé tí a so mọ́ èyí. Ọwọ́ ìyá Aláró ni wọ́n ti ń rajà. Wọn kì í ṣe ti Aṣojú láé.

(d) Ẹni tó bá ti orí Wasáàpù tàbí Fesibúùkù bá Aláró sọ̀rọ̀, tí a sì gbé aṣọ dé agbègbè náà fún un. Ìdá 4 nínú 100 ni Aṣojú yóò gbà, bí kò tilẹ̀ mọ oníbàárà náà rí. Ìdí tí a fi kọ èyí ni pé fóònù kì í jẹ́ kí ààlà agbègbè dúró.

Aṣojú náà kò gbọ́dọ̀ ta adìrẹ aláró mìíràn ní agbègbè yìí. Kò sì gbọ́dọ̀ ta aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ bí adìrẹ, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tàbí lábẹ́ orúkọ ìyàwó tàbí ọmọṣẹ́ rẹ̀. Àǹkárá, léèsì àti àwọn aṣọ mìíràn tó ti ń tà tẹ́lẹ̀ kò kàn wá.

4. Iye tí Aṣojú gbọ́dọ̀ tà

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni a ó máa ṣírò rẹ̀. Oṣù Kìíní sí Ìkẹta 2026: ìdì 100. Oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà: ìdì 180. Oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án: ìdì 240. Oṣù Kẹwàá sí Ìkejìlá: ìdì 210. Bákan náà ni ti ọdún 2027, àfi pé oṣù Kìíní sí Ìkẹta di ìdì 150. A fi ti oṣù wọ̀nyẹn sí ìsàlẹ̀ nítorí ààwẹ̀ Rámádáánì bọ́ sí àárín wọn lọ́dún méjèèjì, ìgbéyàwó kì í sì pọ̀ nígbà ààwẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìgbà ìdánwò, kò sí ìyà kankan lórí rẹ̀.

Ìdì kan wọnú iye náà ní ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá wọlé tán. Èyí tí oníbàárà bá dá padà, a ó yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé aró rẹ̀ ń ṣí, tàbí pé bátànì rẹ̀ kò bá àpẹẹrẹ tí a fi hàn oníbàárà mu, ẹ̀bi Aláró nìyẹn, a ò ní yọ ọ́.

Ọjọ́ 14 ni Aláró ní láti pèsè ọjà tí a bèèrè fún. Láti oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án, ọjọ́ 21 ni, nítorí òjò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Bí Aláró bá kọjá ọjọ́ yìí, tí oníbàárà sì bínú lọ, gbogbo ìdì tó bèèrè fún yóò wọnú iye Aṣojú bí ẹni pé ó ti tà á. A jìyàn gan-an lórí èyí kí a tó fẹnu kò. Oṣù tí a ní kí Aṣojú tà jù lọ ni òjò ń dí Aláró lọ́wọ́ jù lọ, a ò sì lè fi ojú ọjọ́ bá ẹnì kan ṣẹjọ́.

Bí Aṣojú kò bá dé ìdá 70 nínú 100 iye oṣù mẹ́ta kan, ìyẹn ìdì 126 nínú 180, tàbí 168 nínú 240, tàbí 147 nínú 210, tàbí 105 nínú 150, Aláró yóò kọ̀wé sí i, àwọn méjèèjì yóò sì jókòó sọ ọ́. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ̀tọ́ àdánìkantà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: Aláró lè yan ẹlòmíràn sí agbègbè náà, ṣùgbọ́n Aṣojú ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kọmíṣọ̀n rẹ̀ kò sì dín. Ìgbà kẹta léraléra nìkan ni Aláró lè tìtorí ẹ̀ fòpin sí àdéhùn. Bí Aṣojú bá ta púpọ̀ jù ní oṣù mẹ́ta kan, ó lè fi èyí tó lé di àlàfo oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

5. Ọjọ́ orí àdéhùn àti òpin rẹ̀

Àdéhùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2026, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2027. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè fòpin sí i ṣáájú pẹ̀lú ìwé ọgọ́ta ọjọ́, láìsọ ìdí. Bí ẹnì kan bá jí owó, tàbí tó fi orúkọ Aláró ta ayédèrú, kò sí ìwé ọgọ́ta ọjọ́ fún un.

6. Kọmíṣọ̀n lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí

Bí a bá pín yà, ibí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà a fara balẹ̀ kọ ọ́.

Ọjà tí oníbàárà ti bèèrè fún kí àdéhùn tó parí, Aṣojú ló ni kọmíṣọ̀n rẹ̀ lódindi, ìgbàkígbà tí owó bá wọlé. Bí olóyè kan ní Ìkirun bá bèèrè fún ìdì oníko 80 fún ìsìnkú, iye rẹ̀ jẹ́ ₦1,440,000. Ká ní ó san ìdajì ṣáájú, tí ìdajì yòókù sì wọlé lẹ́yìn oṣù kan tí Aṣojú ti lọ. Aṣojú yóò gba ₦86,400 lórí ti àkọ́kọ́, yóò sì gba ₦86,400 mìíràn lórí ti ìkejì.

Oníbàárà tí Aṣojú ti ń bá sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì bèèrè fún ọjà: kí ọjọ́ méje lẹ́yìn òpin tó pé, Aṣojú yóò kọ orúkọ wọn fún Aláró pẹ̀lú ẹ̀rí, bí i ọ̀rọ̀ orí Wasáàpù tàbí ìwé tó fi hàn pé wọ́n gba àpẹẹrẹ aṣọ. Ẹni tó bá bèèrè fún ọjà láàárín 90 ọjọ́ nínú àwọn wọ̀nyí, ìdá 12 nínú 100 jẹ́ ti Aṣojú. Bó bá jẹ́ aṣojú tuntun ló parí ọ̀rọ̀ náà, ìdá 8 jẹ́ ti Aṣojú àtijọ́, ìdá 4 jẹ́ ti tuntun. Aláró kò ní san ju 12 lọ. Orúkọ tí kò bá sí nínú ìwé náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wá sọ lẹ́yìn náà pé òun gbàgbé.

Oníbàárà tí Aṣojú mú wá tó sì ti rajà rí, bó bá tún rà láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn òpin, ìdá 5 nínú 100 ni. Ilé ìtura kan ní Ẹdẹ tó tún ra ìdì oníko 40 ní ₦720,000 yóò mú ₦36,000 wá fún Aṣojú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó parí. Títà kan kì í bí kọmíṣọ̀n méjì. Ẹni tí ìlà òkè bá kàn, ìlà yìí kò kàn án mọ́.

Bó bá jẹ́ olè tàbí ayédèrú ló fa òpin, Aṣojú pàdánù ti àádọ́rùn-ún ọjọ́ àti ti oṣù mẹ́fà. Kọmíṣọ̀n ọjà tí oníbàárà ti bèèrè fún tẹ́lẹ̀ kò kú. Aláró lè kọ́kọ́ yọ owó tí Aṣojú jẹ ẹ́ kúrò níbẹ̀. Bí iye tí kò pé ló fa òpin, Aṣojú kò pàdánù ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọ̀ọ̀kan ni Aláró yóò máa sanwó, pẹ̀lú ìwé ìṣirò tó fi orúkọ oníbàárà, iye ìdì àti owó tó wọlé hàn. Aṣojú lè wá wo ìwé àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà náà. Bí Aṣojú bá kú, ìyàwó rẹ̀ ni yóò gba gbogbo ohun tó wà ní ìpín yìí. Aṣojú ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

7. Aáwọ̀

Bí aáwọ̀ bá dé, àwọn méjèèjì yóò kọ́kọ́ jókòó ní ilé aró. Bí kò bá yanjú láàárín ọjọ́ 14, wọn yóò jọ yan onílàjà kan ní Òṣogbo gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlàjà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2023. Ẹni tó pe onílàjà ló máa kọ́kọ́ san owó rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ̀bi ló máa dá a padà.

A ka ìwé yìí sókè láti òkè délẹ̀ fún àwọn méjèèjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì ni, olúkúlùkù mú ọ̀kan.

Aláró: R. Ọláníyan
Aṣojú: A. Fágbèmí
Ẹlẹ́rìí Aláró: Sùlíyátù Ọláníyan, ọmọ rẹ̀
Ẹlẹ́rìí Aṣojú: Bọ́sẹ̀ Fágbèmí, ìyàwó rẹ̀