Ìdánrawò Lórí Apá Ibi: Yíyà sí Ọ̀tún, Yíyà sí Òsì

Fún kíláàsì kẹta girama. Àkókò: ìṣẹ́jú 40. Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ẹ mú bébà funfun kan, kí ẹ fa ilà méjì tó dábùú ara wọn sí igun rẹ̀: àríwá lókè, gúúsù nísàlẹ̀, ìlà-oòrùn lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwọ̀-oòrùn lọ́wọ́ òsì. Ẹ má gbìyànjú láti fi orí lásán ṣe é. Níbikíbi tí a bá ti sọ pé ẹnì kan yà, ìdámẹ́rin àyíká ni ó yí.

Ọ̀tún àti òsì tí ẹ máa rí nínú ìbéèrè, ti ẹni tó ń rìn ni, kì í ṣe ti ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti tábìlì. Ẹni tó bá kọjú sí gúúsù, ìwọ̀-oòrùn ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máàkì ti ń ṣòfò. Bó bá rú yín lójú, ẹ yí bébà náà títí ọ̀nà tí ẹni náà ń tọ̀ yóò fi kọjú síwájú yín, kí ẹ tó fa ilà tó kàn.

ÌBÉÈRÈ

1. Àjàní jáde nílé, ó rin 40 mítà lọ sí àríwá. Ó yà sí ọ̀tún, ó rin 30 mítà. Ó tún yà sí ọ̀tún, ó rin 40 mítà. Apá wo ló wà sí ilé, báwo ló sì ṣe jìnnà tó?

2. Ìyá Ṣadé rán an níṣẹ́ láti ìsọ̀ ata rẹ̀. Ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó rin 60 mítà dé ọ̀dọ̀ aláta lílọ̀. Ó yà sí òsì, ó rin 50 mítà dé ọ̀dọ̀ oníyọ̀. Ó yà sí òsì, ó rin 20 mítà. Ó tún yà sí òsì, ó rin 20 mítà, ó sì dúró lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja. Bí a bá fa ilà tààrà láti ìsọ̀ ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, mítà mélòó ni yóò jẹ́? Apá wo ni ẹlẹ́ja wà sí ìsọ̀ náà?

3. Ní ìdájí, bí oòrùn ṣe ń yọ, Bàbá Rónkẹ́ kúrò ní ahéré rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó rin 80 mítà, ó yà sí ọ̀tún, ó rin 60 mítà, ó yà sí ọ̀tún, ó rin 30 mítà, ó wá yà sí òsì, ó rin 60 mítà dé etí odò. Níbo ni etí odò náà wà sí ahéré?

4. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, Dúpẹ́ jáde nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, òjìji rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ó rin 100 mítà, ó yà sí ọ̀tún, ó rin 50 mítà, ó yà sí ọ̀tún, ó rin 160 mítà, ó yà sí òsì, ó rin 30 mítà. Níbo ló wà sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́?

5. Ọlọ́kadà kan gbéra ní gáréèjì, ó lọ 3 kìlómítà sí gúúsù. Ó yà sí òsì, ó lọ 4 kìlómítà. Èrò tó gbé ní àpò òun ti já bọ́, ni wọ́n bá ṣẹ́rí padà, wọ́n rìn ín ní 1 kìlómítà kí wọ́n tó rí i. Ibi tí wọ́n ti rí àpò náà ni wọ́n ti yà sí ọ̀tún, wọ́n sì lọ 3 kìlómítà. Níbo ni wọ́n wà sí gáréèjì?

6. Bọ́lá kúrò ní ilé ìkàwé, ó rin 50 mítà sí ìwọ̀-oòrùn, ó yà sí òsì, ó rin 120 mítà, ó yà sí ọ̀tún, ó rin 40 mítà. Apá wo ni ilé ìkàwé wà sí ibi tó dúró sí, báwo ló sì ṣe jìnnà tó?

7. Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ gbéra lẹ́bàá kànga. Táíwò rin 70 mítà sí àríwá, ó yà sí òsì, ó rin 20 mítà. Kẹ́hìndé rin 60 mítà sí ìlà-oòrùn, ó yà sí òsì, ó rin 10 mítà. Apá wo ni Kẹ́hìndé wà sí Táíwò, mítà mélòó ló sì wà láàárín wọn?

8. Ọ̀gbẹ́ni kan kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó rin 20 mítà tààrà. Ó yà sí ọ̀tún, ó rin 3 mítà, ó yà sí ọ̀tún, ó rin 8 mítà, ó yà sí òsì, ó rin 2 mítà. Báwo ló ṣe jìnnà sí ilẹ̀kùn tó? Ṣé a lè sọ apá tó wà?

ÌDÁHÙN

1. 30 mítà, ní ìlà-oòrùn ilé. 40 tó lọ sí àríwá àti 40 tó bọ̀ sí gúúsù ti pa ara wọn rẹ́.

2. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé Ṣadé pẹ̀lú sùúrù, torí bí èyí bá yé yín, ìyókù kò ní le. Ó kọjú sí ìlà-oòrùn, òsì rẹ̀ sì ni àríwá: 50 lọ sí àríwá. Òsì ẹni tó kọjú sí àríwá ni ìwọ̀-oòrùn: 20. Òsì ẹni tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni gúúsù: 20. Nísinsìnyí, ẹ kó àwọn tó dojú kọ ara wọn jọ. Ìlà-oòrùn 60, ẹ yọ ìwọ̀-oòrùn 20 kúrò, ó ku 40 ní ìlà-oòrùn. Àríwá 50, ẹ yọ gúúsù 20 kúrò, ó ku 30 ní àríwá. Ilà tààrà náà: 40 × 40 = 1,600; 30 × 30 = 900; àpapọ̀ rẹ̀ 2,500, iye yìí náà sì ni 50 × 50. Nítorí náà 50 mítà ni, ẹlẹ́ja sì wà ní àríwá ìlà-oòrùn ìsọ̀. Ẹni tó bá kọ 150 ti ka gbogbo ìrìn Ṣadé pọ̀. Ìyẹn ni gígùn ọ̀nà tó rìn, kì í ṣe ohun tí a béèrè.

3. Oòrùn àárọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn nìyẹn. Ó ku 50 ní ìwọ̀-oòrùn, 120 ní àríwá. 2,500 + 14,400 = 16,900, èyí tí í ṣe 130 × 130. 130 mítà, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ahéré. (Nínú ìbéèrè irú èyí, a gbà pé ìlà-oòrùn gan-an ni oòrùn ti yọ. Lójú ọ̀run, nǹkan bí ìgbà méjì péré lọ́dún ló ń yọ níbẹ̀ gẹ́lẹ́, nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹfà, ó máa ń yà díẹ̀ sí àríwá. Ní oṣù kejìlá, sí gúúsù.)

4. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ti dé ìwọ̀-oòrùn, òjìji sì máa ń kọjú kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Ìlà-oòrùn ni Dúpẹ́ kọjú sí. Ó ku 60 ní ìwọ̀-oòrùn, 80 ní gúúsù. 100 mítà, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn.

5. 3 kìlómítà, ní ìlà-oòrùn gáréèjì. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́rí padà, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kọjú sí, nítorí náà àríwá ni ọ̀tún wọn. Ẹni tó ṣì ń wò wọ́n bí ẹni tó kọjú sí ìlà-oòrùn yóò gbé wọn lọ sí gúúsù.

6. Bọ́lá wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn: 90 ní ìwọ̀-oòrùn, 120 ní gúúsù, 150 mítà. Àmọ́ ilé ìkàwé ni a béèrè, kì í ṣe Bọ́lá. Ó wà ní àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀. Ìbéèrè yìí máa ń dun akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé, torí iṣẹ́ rẹ̀ péye, ìdáhùn rẹ̀ ló dorí kodò. Ẹ ka gbólóhùn ìparí lẹ́ẹ̀mejì.

7. Táíwò: 70 àríwá, 20 ìwọ̀-oòrùn. Kẹ́hìndé: 60 ìlà-oòrùn, 10 àríwá. Láti ọ̀dọ̀ Táíwò, 80 sí ìlà-oòrùn àti 60 sí gúúsù. 100 mítà, ní gúúsù ìlà-oòrùn.

8. Iwájú: 20 yọ 8, ó ku 12. Ọ̀tún: 3 àti 2, ó jẹ́ 5. 144 + 25 = 169, ìyẹn 13 × 13. 13 mítà. A kò lè sọ apá tó wà, torí a kò mọ ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí. Iwájú, díẹ̀ sí ọ̀tún, ni gbogbo ohun tí a mọ̀. Ẹni tó bá kọ “àríwá ìlà-oòrùn” ti fi òkè bébà rẹ̀ ṣe ojú ilẹ̀kùn ọkùnrin náà.